Ìwé Tí A Ti Gbàdúrà Sí

Èmi ni mo kọ ìwé èsúsú yẹn. Kò sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí owó ibẹ̀ kò pé, kò sì sí Ọjọ́bọ̀ kan tí mo fò. Síbẹ̀, ìwé yẹn náà ni wọ́n ṣí kalẹ̀ níwájú mi tí wọ́n fi yan Ìyá Télọ̀ jẹ, n kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí, àmọ́ inú ṣì ń bí mi bíi pé àárọ̀ yìí ló ṣẹlẹ̀.

Ìlà ṣọ́ọ̀bù wa wà lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ oníke kan, níbi tí Ìkẹjà ti ń parí tí Agége ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọn fèrè pé iṣẹ́ òwúrọ̀ ti parí, àwọn òṣìṣẹ́ á tú jáde, àwa náà á sì rí tà. Èmi ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì máa ń tẹ ìwé fún wọn: lẹ́tà ìwáṣẹ́, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, lẹ́tà ẹ̀sùn. Ìṣirò owó ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì kò jáde, mo ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti lò rí, mo sì jókòó tì í. Nítorí ìwé tí mo kà yìí ni àwọn obìnrin ìlà wa ṣe sọ mí ní akọ̀wé. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi. “Akọ̀wé” ni wọ́n ń pè mí títí di òní.

Àwa mẹ́wàá là ń dá èsúsú náà. Àádọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn yóò dá tirẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù, yóò sì kó gbogbo rẹ̀ lọ: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó yí po, a tún bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la yàn torí pé ọjà kì í ṣí kí wọ́n tó parí ìmọ́tótó. A ó ti gbálẹ̀ tán, a ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhája.

Alhája ni olórí èsúsú. Ó ń ta òwú, síìpù, bọ́tìnnì àti aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú aṣọ fún àwọn aránṣọ, ó sì ń tà á láwìn. Lójú ayé, “ẹ” àti “wọ́n” ni mo máa ń fún Alhája bó ṣe tọ́ sí àgbà. Níbi tí mo ti ń kọ ìtàn yìí, “ó” ni mo máa lò. Ọ̀wọ̀ tó kù lọ́wọ́ mi, Ìyá Télọ̀ ni mo tọ́jú rẹ̀ fún.

Ìyá Télọ̀ ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀bù wọn kọjú sí géètì gan-an, ibẹ̀ ló sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Bí ṣòkòtò ẹnìkan bá ya ní ẹnu iṣẹ́, kò ní rìn jù, yóò sọdá títì, wọ́n á sì rán an níbi tó dúró sí. Lánlọ́ọ̀dù ti wá sọ pé owó ọdún tó ń bọ̀ ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, pé bí kò bá pé ní ọjọ́ tó yẹ, òun ti rí ẹni tó fẹ́ gbà á. Owó èsúsú yẹn ni Ìyá Télọ̀ fojú sí. Wọn kò ní ọ̀nà mìíràn, wọn kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo kọ òfin sí ojú ewé àkọ́kọ́. Òfin kìíní nìyí: ẹni tó bá mú ènìyàn wá ni yóò dúró fún un. Mo kà á sókè, gbogbo wọn ní “bẹ́ẹ̀ ni”. Alhája mú ẹnì kan wá, ọmọbìnrin kan tó ń ta gíláàsì fóònù àti ṣájà ní ìpẹ̀kun ìlà wa. Onífóònù là ń pè é. Ọmọ ará ilé Alhája ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kọ orúkọ Alhája sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ pé òun ni onídùúró. Alhája fọwọ́ sí i.

A kọ nọ́ńbà sí bébà, a ká wọn sínú abọ́ ike, oníkálùkù mú tirẹ̀. Ìyá Télọ̀ mú nọ́ńbà kẹta. Onífóònù mú ìkẹwàá, ó sì fajú ro lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ orúkọ àti nọ́ńbà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbàdúrà sí ìwé náà. Àáfà Alhája ka Fátíhà sí i, ó fi ọwọ́ pa á. Onídìrí, obìnrin tó ń dirun ní ìlà wa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ka Sáàmù sí i, ó wọ́n omi díẹ̀ sí èèpo rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa orúkọ kan rẹ́ nínú ìwé yẹn, tàbí kó fi bírò fa ìlà gba orí rẹ̀. Wọ́n ní akọ̀wé tó ṣáájú mi fa ìlà gba orí orúkọ obìnrin kan, obìnrin náà sì dùbúlẹ̀ àìsàn kí oṣù tó parí. Fún wọn, fífa ìlà gba orí orúkọ àti fífa ìlà gba orí ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀rín yẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, kí a tó ka owó, Onífóònù wá kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Télọ̀.

“Màmá, ẹ dákun. Mo rí ọjà kan ní Computer Village. Fóònù tókúnbọ̀, páálí kan. Bí mi ò bá sanwó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹlòmíràn á gbé e. Ẹ fún mi ní ẹ̀kẹta yín, kí ẹ gba ẹ̀kẹwàá mi.”

Ìyá Télọ̀ wo ọ̀run bí ẹni ń ṣírò. Owó ṣọ́ọ̀bù wọn kò ní tíì pé àkókò títí di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Àwọn fúnra wọn sọ pé bí owó náà bá tètè dé, wọ́n lè ná nínú rẹ̀ kí lánlọ́ọ̀dù tó béèrè.

“Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Gbà á. Ṣáà bá mi tọ́jú ẹ̀kẹwàá.”

“Ẹ wo Màmá!” Onídìrí pariwo. “Bí mo bá ní kí ẹ bá mi rán búláùsì láwìn, ẹ ó ní abẹ́rẹ́ yín ṣẹ́!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ti mú bírò. Alhája gbá mi lọ́wọ́.

“Akọ̀wé, kí lo fẹ́ kọ?”

“Pé nọ́ńbà ti yí padà, mà. Kẹta ti di ti Onífóònù, ẹ̀kẹwàá ti di ti Màmá.”

“Nínú ìwé tí a ti gbàdúrà sí? Orúkọ ta lo fẹ́ pa rẹ́ nínú àwọn méjèèjì?”

“Mi ò ní pa á rẹ́. Mà á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́.”

“Kò sí ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Kí Ìyá Télọ̀ tẹ̀ka síbi orúkọ wọn pé wọ́n ti kó, kí wọ́n wá gbé owó fún ọmọ náà. Tó bá di ẹ̀kẹwàá, òun náà á tẹ̀ka, á gbé owó fún Màmá. Ó parí.”

“Alhája, tí Màmá bá tẹ̀ka síbẹ̀, ìwé ti sọ pé àwọn ni wọ́n kó o nìyẹn.”

“Ìwé ò lẹ́nu,” ló dá mi lóhùn. “Èèyàn ló ń sọ̀rọ̀. Àbí àwa mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí a jókòó síbí, ojú wa ti fọ́ ni?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Ìyá Télọ̀ tẹ̀ka. Wọ́n gba owó, wọ́n sì gbé e lé Onífóònù lọ́wọ́ lójú gbogbo wa. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo yí ìwé náà dojú dé, mo ṣí ewé tó gbẹ̀yìn, mo kọ bí wọ́n ṣe pààrọ̀ nọ́ńbà sí ibẹ̀. Mo kọ ọjọ́ rẹ̀. Onífóònù fọwọ́ sí i, Ìyá Télọ̀ tẹ̀ka. Mo na ìwé sí Alhája pé kó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí olórí. Ó tì í padà.

“Ẹ̀yìn ìwé kọ́ la gbàdúrà sí.”

“Akọ̀wé ti kàwé jù,” ni ẹnìkan wí. “Ó fẹ́ mú ẹjọ́ wọ àárín ọ̀rẹ́.”

Ìyá Télọ̀ gan-an fọwọ́ kàn mí ní èjìká. “Ó tó, ọmọ mi. Má jẹ́ kó dà bíi pé mi ò fọkàn tán an.”

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣe ẹ̀dà ewé tí orúkọ wà àti ewé ẹ̀yìn yẹn. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, kò ná mi ní nǹkan kan.

Páálí fóònù tí ọmọ yẹn rà, òkú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún un ti ṣí kúrò níbi tó ti bá a. Ọmọ náà dá èsúsú rẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ń yáwó kiri. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ṣí. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ní ó ti kó jáde, ibi tó lọ, wọn kò mọ̀. Mi ò bínú sí i tó bí ẹ ṣe rò. Wọ́n lu òun náà ní jìbìtì.

Kí ẹni tó kàn má bàa kó owó tí kò pé, Alhája yọ àádọ́ta ẹgbẹ̀rún láti inú àpò ara rẹ̀ dí àlàfo náà. Ó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ keje, ó ṣe é ní ìkẹjọ, ó ṣe é ní ìkẹsàn-án. Gbogbo wọn ń yìn ín. “Alhája, Ọlọ́run á fi kún un!” Èmi náà yìn ín. Ohun tí òfin kìíní wí nìyẹn: òun ló mú ọmọ náà wá, òun náà ló dúró fún un. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé onídùúró ló san án. Mo rò pé ìwé mi ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kẹwàá, Ìyá Télọ̀ wọ aṣọ tuntun wá. Wọ́n ti ní kí lánlọ́ọ̀dù máa bọ̀ ní ọ̀sán. Alhája ka owó tí àwa mẹ́sàn-án dá, ó sì kà á dáadáa. Lẹ́yìn náà ó yọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ lórí rẹ̀, ó ká a sínú ìborùn rẹ̀. Ó ti ìyókù sí iwájú Ìyá Télọ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ló kù.

Ìyá Télọ̀ kò fọwọ́ kàn án. “Alhája, kí lẹ yọ?”

“Owó mi ni. Èyí tí mo fi dí ihò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Mo ní, “Owó yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, mà. Ẹ̀yin lonídùúró. Ó yẹ kí ẹ dí ti òní pàápàá.”

“Ṣé mo ní èmi kọ́ lonídùúró ni? Akọ̀wé, ṣí ìwé. Ta ló ni ẹ̀kẹwàá?”

Mo mọ ibi tó ń lọ. “Màmá ni. A pààrọ̀ rẹ̀ níbí.”

“Mi ò bi ọ́ léyìí. Ka ohun tó wà níbẹ̀.”

Orúkọ Onífóònù ló wà níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ kà?

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tí mo dúró fún ló ni ẹ̀kẹwàá. Ó jẹ mí lówó, owó rẹ̀ sì wà nílẹ̀ yìí, mo mú tèmi. Ti òní tí kò dá, ó bọ́ sórí òun náà. Àánú ni mo fi ń gbé ìyókù fún Ìyá Télọ̀. Lójú ìwé, wọ́n ti kó tiwọn. Ìka ta ló wà ní ẹ̀kẹta?”

“Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́! Ẹ ní ìwé ò lẹ́nu!”

“Má pariwo lé mi lórí. Mo tó bí ọ.”

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Mo gbé e yí gbogbo wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba owó ìsìnkú. “Ẹ wò ó. Ẹ ò sí níbẹ̀ ni? Ẹ ò rí i nígbà tí Màmá gbé owó fún un?” Ọ̀kan ń wo bàtà rẹ̀. Ọ̀kan ní òun rò pé òun ti pẹ́ dé lọ́jọ́ yẹn. Irọ́ ni, mo ní àsìkò tí oníkálùkù dé lákọsílẹ̀. Àwọn aránṣọ méjì tó wà láàárín wa jẹ Alhája ní owó òwú. Àwọn yòókù fẹ́ nọ́ńbà tó dára nínú èyí tó ń bọ̀, torí Alhája ló ń di abọ́ ike mú. Onídìrí, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ìyá Télọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ní, “Ọ̀rọ̀ yìí le o. Ẹ jẹ́ ká fi àdúrà sí i.”

Wọ́n tún fẹ́ gbàdúrà!

Ìyá Télọ̀ dìde. Wọ́n di owó náà sí etí ìró, wọ́n kí gbogbo wọn pé ó dàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni.

Lánlọ́ọ̀dù dé ní ọ̀sán. Mo dúró tì wọ́n. Ọkùnrin náà kò bú wọn, èyí ló dùn mí jù. Ó ní òun gbọ́, òun náà ní wàhálà tòun, ẹni tó fẹ́ gbà á ti mú owó pípé wá.

Mo mú ẹ̀dà ìwé mi tọ alága ẹgbẹ́ ọlọ́jà lọ, àgbàlagbà kan tó ń ta irin. Bàbá Alága ka ojú ìwé, wọ́n ka ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n bọ́ díńgí ojú wọn.

“Ìwọ ni wọ́n jẹ lówó?”

“Rárá, sà. Ìyá Télọ̀ ni.”

“Níbo ni olóhun wà? Lọ mú wọn wá, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu ara wọn. Mà á pe Alhája lónìí yìí.”

Mo sáré lọ pe Ìyá Télọ̀. Wọ́n ń tú ọ̀pá tí wọ́n fi ń so aṣọ kọ́.

“Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ. Bàbá Alága ní àwọn á pè é.”

“Mi ò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnì kankan.”

“Wọ́n jẹ yín lówó!”

“Mo mọ̀. Àwìn òwú tí mò ń rán jẹun, ọwọ́ ta ni mo ti ń gbà á? Bí mo bá pe Alhája lẹ́jọ́ lónìí, ta ló máa fún mi ní òwú lọ́la? Ìwọ?”

Mi ò ní òwú. Tákádá ni mo ní.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Alága ní èmi nìkan, wọ́n rọra dá ẹ̀dà náà padà fún mi. “Ọmọ mi, ẹjọ́ tí kò lólóhun, ta la fẹ́ dá a fún?”

Ọkùnrin kan ló ń ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí géètì báyìí. Ìyá Télọ̀ gbé ẹ̀rọ wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé ní Agége. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ bá ya ní ilé iṣẹ́ kò lè rìn débẹ̀.

Alhája tún ra ìwé tuntun. Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Ìyá Télọ̀ ló ránṣẹ́ pè mí pé kí n kọ ọ́, pé bí mi ò bá kọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ ni yóò kọ. Mo lọ. Kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, níbi tí a ó máa kọ pàṣípààrọ̀ sí, kí wọ́n gbàdúrà sí òun náà pọ̀. Mo rò pé mo ti rí ojútùú.

“A ò tíì bẹ̀rẹ̀,” ni Alhája wí, “o ti ń la ọ̀nà fún ìjà.”

Ẹnikẹ́ni kò gbè mí. Mo kọ orúkọ mẹ́wàá, méjì nínú wọn jẹ́ tuntun. Ti Ìyá Télọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé aṣọ lọ fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Bí wọ́n ṣe ń wọn èjìká mi, wọ́n ní, “Àwa náà ti ń dá èsúsú o.”

“Báwo, mà? Orúkọ yín ò sí nínú ìwé.”

“Èmi àti Onídìrí la jọ ń dá ọwọ́ kan. Ó ń mú ààbọ̀, mò ń mú ààbọ̀. Tó bá kó o, a ó pín in. Orúkọ rẹ̀ la fi síbẹ̀.”

Okùn ìwọnṣọ ṣì wà ní ọrùn mi. Mo yíjú padà. “Ta ló mọ̀ sí i?”

“Èmi àti òun.”

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbì kan. Ẹ̀yin méjèèjì á tẹ̀ka. Ìṣẹ́jú kan ni.”

“Dúró dáadáa, o ń mì,” ni wọ́n wí. Wọ́n fi bébà kékeré kọ ìwọ̀n èjìká mi sílẹ̀, wọ́n tún tẹ okùn náà mọ́ ẹ̀yìn mi. “Má kọ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ni.”